Mo Yí Iye Owó Padà, Wọ́n Ṣì Ń Rí Ti Àtijọ́

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ìyá kan tó ń ta aṣọ ní ọjà Gbági n'Ìbàdàn pè mí lórí fóònù. Ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ni wọ́n, èmi ni mo sì kọ ìkànnì tí ẹgbẹ́ náà fi ń polówó ìrẹsì, òróró àti ẹ̀wà tí wọ́n ń tà láwìn fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ṣáájú, akọ̀wé ẹgbẹ́ ní kí n yí iye owó àpò ìrẹsì kan padà, láti ₦62,000 sí ₦71,000. Mo yí i lójú ẹsẹ̀. Mo gbé ojú ewé tuntun sórí sáfà, mo ṣí ìkànnì náà lórí kọ̀ǹpútà mi, ₦71,000 ni mo rí. Mo pa kọ̀ǹpútà dé, mo lọ sùn.

"Ọmọ mi," ni ìyá náà wí, "akọ̀wé ní ẹgbẹ̀rún mọ́kànléláàádọ́rin ni. Fóònù mi ní ẹgbẹ̀rún méjìlélọ́gọ́ta ni. Èwo ni kí n gbà gbọ́?"

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ tún ojú ewé yẹn ṣí." Wọ́n tún un ṣí. Ẹgbẹ̀rún méjìlélọ́gọ́ta. Mo ní kí wọ́n pa fóònù, kí wọ́n tún un tàn. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ̀rún méjìlélọ́gọ́ta náà ni.

"Mo ń wọ awò lóòótọ́," ni wọ́n wí, "ṣùgbọ́n ojú mi ò tíì fọ́."

Kó tó di ọ̀sán, èèyàn mẹ́sàn-án ti pe akọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ kan náà. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni irú àwọn tó ń pè. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹgbẹ́, tí wọn ò ṣí ìkànnì náà rí, iye owó tuntun ni wọ́n ń rí. Àwọn ògbólógbòó ọmọ ẹgbẹ́, tí wọ́n ti ń lò ó láti ọjọ́ tó ti pẹ́, ló ń rí ti àtijọ́. Àwọn tó dúró tì wá jù ni ìkànnì wa ń parọ́ fún.

Òṣìṣẹ́ tó ń gbé inú fóònù

Èrò ọ̀pọ̀ èèyàn ni pé bí a bá ti ṣí ìkànnì kan, búráúsà, ìyẹn Chrome, Firefox tàbí Safari tó wà lórí fóònù wa, á gbéra lọ bá sáfà tí wọ́n kó ìkànnì náà sí, á gba ojú ewé níbẹ̀, á sì gbé e wá síwájú wa. Bẹ́ẹ̀ ló rí tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2015, tí Chrome kọ́kọ́ fàyè gbà á, ẹni tó kọ ìkànnì lè fi òṣìṣẹ́ kan sáàárín búráúsà àti sáfà. Firefox fàyè gbà á ní 2016, Safari ní 2018. Sáfíìsì wọ́kà ni orúkọ òṣìṣẹ́ náà. Fáìlì kóòdù kan ni, kì í sì í tóbi. Ìlà kan ṣoṣo ni ìkànnì fi ń sọ fún búráúsà pé kó gbà á sílé:

```
navigator.serviceWorker.register('/sw.js');
```

Láti ọjọ́ náà lọ, òṣìṣẹ́ yìí ti di ará ilé nínú fóònù oníbàárà. Gbogbo ohun tí ìkànnì náà bá fẹ́ gbà, ìbáà ṣe àwòrán, ìbáà ṣe ojú ewé fúnra rẹ̀, ọwọ́ òṣìṣẹ́ yìí ló ń gbà kọjá. Ó ní ibi kan tó ń kó ẹ̀dà àwọn fáìlì pa mọ́ sí. Káàṣì ni àwa tó ń ṣiṣẹ́ yìí ń pè é. Àká ni n ó máa pè é níhìn-ín, nítorí iṣẹ́ àká náà ló ń ṣe. Òṣìṣẹ́ yìí ló sì ń pinnu bóyá òun á bu nǹkan láti inú àká ni, tàbí òun á lọ bá sáfà.

Mi ò fi í síbẹ̀ fún fáàrí. Nínú ọjà tí èrò pọ̀ sí, nẹ́tíwọ́ọ̀kì a máa lọ, a máa bọ̀, owó dátà kò sì kéré. Pẹ̀lú òṣìṣẹ́ yìí, ìyá alásọ lè ṣí ìkànnì ẹgbẹ́ kó sì jáde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, àní bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò bá tilẹ̀ sí rárá. Àṣẹ tí mo pa fún un nìyí:

```
self.addEventListener('fetch', e => {
  e.respondWith(
    caches.match(e.request)
      .then(r => r || fetch(e.request))
  );
});
```

Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé: "Bí wọ́n bá béèrè ohunkóhun, wo inú àká. Bó bá wà níbẹ̀, gbé e fún wọn. Àfi bí kò bá sí níbẹ̀ ni kó o tó lọ bá sáfà." Mo sì ti kó ojú ewé àkọ́kọ́, èyí tí iye owó ìrẹsì wà lórí rẹ̀, sínú àká láti ọjọ́ tí a ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́. Òṣìṣẹ́ mi kò ṣàìgbọràn. Mo ní kó má lọ sọ́dọ̀ sáfà bí nǹkan bá ti wà nínú àká, kò sì lọ. Ojú ewé tuntun tí mo gbé sórí sáfà ń bẹ níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lọ gbé e.

Ẹ lè bi mí pé: ṣé títí ayé ni òṣìṣẹ́ yìí máa ṣe bẹ́ẹ̀? Rárá. Àwọn tó ṣètò rẹ̀ ti rò ó ṣáájú. Nígbàkúùgbà tí èèyàn bá ṣí ojú ewé kan nínú ìkànnì náà, búráúsà fúnra rẹ̀ máa ń yọ́ lọ bá sáfà láti wo fáìlì `sw.js`, ìyẹn fáìlì òṣìṣẹ́ náà nìkan. Á fi èyí tó wà lórí sáfà wé èyí tó wà nílé, báìtì sí báìtì. Bí àmì kan ṣoṣo bá yàtọ̀, ó gbà pé òṣìṣẹ́ tuntun ti dé, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á sílé. Bí ohunkóhun kò bá yàtọ̀, á padà sẹ́yìn, kò ní wo fáìlì mìíràn.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta yẹn, iye owó inú ojú ewé nìkan ni mo yí. Mi ò fọwọ́ kan `sw.js`. Búráúsà ìyá alásọ lọ wò ó lóòótọ́ ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó bá a bó ṣe wà, ó sì padà wá jẹ́ pé kò sí nǹkan tuntun.

Ohun tó tàn mí jẹ

Kí ló dé tí èmi fi rí ₦71,000 lórí kọ̀ǹpútà tèmi? Ìdí ni pé mo tẹ Ctrl, Shift àti R pa pọ̀, gẹ́gẹ́ bí àṣà àwa tó ń kọ ìkànnì. Ìtẹ̀ yẹn máa ń sọ fún búráúsà pé kó fo òṣìṣẹ́ náà kọjá, kó lọ bá sáfà tààrà. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Ká ní mo tún ìkànnì náà ṣí lẹ́yìn ìyẹn bí gbogbo èèyàn ṣe ń ṣí i, ₦62,000 ni ǹ bá rí. Bákan náà ni bí èèyàn bá ṣí ìkànnì nínú fèrèsé ìkọ̀kọ̀ búráúsà: fèrèsé yẹn kò mọ òṣìṣẹ́ àtijọ́ rí, tuntun ló máa fi hàn. Ẹni tó bá fi ọ̀nà méjèèjì yìí yẹ iṣẹ́ ara rẹ̀ wò, ojú àlejò ló fi ń wò ó. Kò tíì rí ohun tí àwọn ará ilé ń rí.

Ohun mìíràn tún tan akọ̀wé jẹ. Ó ní kí àwọn èèyàn lọ sí ibi tí a ti ń nu ìtàn búráúsà nù lórí Chrome, kí wọ́n pa káàṣì rẹ́. Wọ́n mú `Cached images and files`, wọ́n pa á rẹ́, kò sì sí ohun tó yí padà. Orúkọ ló jọra. Àká méjì ló wà nínú búráúsà. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ ti búráúsà fúnra rẹ̀, òun ni ìlà yẹn ń nù. Ìkejì jẹ́ ti òṣìṣẹ́ yìí, ọ̀dọ̀ àwọn ohun tí ìkànnì kó pa mọ́ ni wọ́n kà á sí, pẹ̀lú kúkì. Ẹni tí kò bá mú ìlà tó ń nu kúkì àti ohun ìkànnì nù, kò tíì kan ilẹ̀kùn àká òṣìṣẹ́ náà.

Àṣìṣe kejì ló burú jù

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé yẹn, mo ti mọ̀ pé òṣìṣẹ́ inú fóònù ni. Mo wá ṣe ohun tí mo rò pé ó bọ́gbọ́n mu. Mo kọ òṣìṣẹ́ tuntun, mo sọ fáìlì rẹ̀ ní `sw2.js`. Mo yí ìlà inú ojú ewé padà pé kí búráúsà gba `sw2.js` dípò `sw.js`. Lẹ́yìn náà, kí àtijọ́ má bàa dààmú mi mọ́, mo pa `sw.js` rẹ́ kúrò lórí sáfà pátápátá. Mo rò pé bí wọn ò bá rí i mọ́, á kú fúnra rẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kọjá. Ọjọ́rú kọjá. Iye owó àtijọ́ ṣì wà lójú fóònù wọn bí òkúta.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé ìṣísẹ̀ rẹ̀. Ìyá alásọ ṣí ìkànnì. Òṣìṣẹ́ àtijọ́ bu ojú ewé àtijọ́ láti inú àká, ó gbé e fún wọn. Ìlà tó wà nínú ojú ewé àtijọ́ yẹn, `sw.js` ló ń dárúkọ, kò mọ `sw2.js`. Inú ojú ewé tuntun nìkan ni orúkọ `sw2.js` wà, òṣìṣẹ́ àtijọ́ ni kò sì jẹ́ kí ojú ewé tuntun wọlé. Ìwé tí mo kọ láti fi yọ ìránṣẹ́ níṣẹ́, ìránṣẹ́ náà gan-an ni mo fi rán.

Pípa tí mo pa `sw.js` rẹ́ ńkọ́? Búráúsà lọ wò ó bí ìṣe rẹ̀, sáfà sì dá a lóhùn pẹ̀lú 404, ìyẹn ni pé fáìlì yìí kò sí. Búráúsà kò ka èyí sí àṣẹ pé kó lé òṣìṣẹ́ tó wà nílé lọ. Ó kà á sí àyẹ̀wò tó kùnà, bí ìgbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dára, ó sì fi òṣìṣẹ́ àtijọ́ sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn sáfà kan tilẹ̀ wà tó jẹ́ pé bí fáìlì kan kò bá sí, ojú ewé àkọ́kọ́ ni wọ́n á gbé jáde dípò 404. Ìyẹn kò ṣe àǹfààní kankan náà: búráúsà rí i pé kì í ṣe fáìlì JavaScript ni wọ́n gbé fún òun, á kọ̀ ọ́, àtijọ́ á sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Àwa Yorùbá máa ń sọ pé ọ̀nà kan ò wọjà. Nínú ọ̀ràn yìí, ọ̀nà kan ṣoṣo ló wọjà: àdírẹ́sì tí òṣìṣẹ́ àtijọ́ ń jẹ́. Ibẹ̀ nìkan ni búráúsà ti ń yọ́ jáde lọ béèrè lọ́wọ́ sáfà láìgba ọwọ́ òṣìṣẹ́ náà kọjá. Mo sì ti fi ọwọ́ ara mi dí ọ̀nà náà. Jake Archibald, ọ̀kan nínú àwọn tó ṣe olóòtú ìwé ìlànà sáfíìsì wọ́kà, ti kìlọ̀ fún àwọn tó ń kọ ìkànnì pé kí wọ́n má ṣe yí àdírẹ́sì fáìlì yìí padà láé, nítorí ìdí yìí gan-an.

Bí mo ṣe mọ̀

Ìwé àkọsílẹ̀ sáfà ló là mí lójú. Ọ̀pọ̀ sáfà ló máa ń kọ ohun tí wọ́n bá wá béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀, àti èsì tó fọ̀. Ní Ọjọ́rú, mo ṣí i, mo wá gbogbo ìlà tí `sw.js` wà nínú rẹ̀. Mo bá wọn lọ́pọ̀ yanturu, 404 ló sì wà ní ìdí gbogbo wọn. Mo wá wò ó bóyá fóònù tó béèrè `sw.js` yẹn tún béèrè ojú ewé àkọ́kọ́. Kò sí ọ̀kan. Àwọn èèyàn ń ṣí ìkànnì wa lójoojúmọ́, sáfà kò sì mọ̀ pé wọ́n wá, àfi ìkàn ilẹ̀kùn kékeré yìí nìkan.

Ìlà kọ̀ọ̀kan yẹn jẹ́ ẹni kan tó há sínú ẹ̀dà àtijọ́. Ó bà mí nínú jẹ́ láti rí i, ṣùgbọ́n ìrètí wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Wọ́n ṣì ń kan ilẹ̀kùn, ìyẹn ni pé bí mo bá fi ohun tó tọ́ sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn náà, wọ́n á gbà á.

Ẹni tí kò bá lè rí ìwé àkọsílẹ̀ sáfà lè yẹ̀ ẹ́ wò lórí kọ̀ǹpútà. Nínú Chrome, kó ṣí irinṣẹ́ àwọn tó ń kọ ìkànnì pẹ̀lú F12, kó lọ sí `Network`, kó sì tún ojú ewé ṣí bí gbogbo èèyàn ṣe ń ṣe. Fáìlì tó bá ti kọ `(ServiceWorker)` sí abẹ́ `Size`, òṣìṣẹ́ yìí ló gbé e wá. Bí ojú ewé fúnra rẹ̀ bá wà nínú wọn, a ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà.

Ìwòsàn, àti ìdúró tó wà nínú rẹ̀

Mo kọ fáìlì mìíràn, mo sọ ọ́ ní orúkọ àtijọ́ gan-an, `sw.js`, mo sì gbé e padà sí àyè rẹ̀ àtijọ́. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni mo rán an: kó kó ohun inú àká dànù, kó sì gba ara rẹ̀ kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

```
self.addEventListener('install', () => self.skipWaiting());

self.addEventListener('activate', e => e.waitUntil(
  caches.keys()
    .then(ks => Promise.all(ks.map(k => caches.delete(k))))
    .then(() => self.registration.unregister())
    .then(() => self.clients.matchAll())
    .then(cs => cs.forEach(c => c.navigate(c.url)))
));
```

Ìlà àkọ́kọ́ nínú rẹ̀ ló gba àlàyé jù, nítorí pé òun ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbàgbé. Òṣìṣẹ́ tuntun kì í gba iṣẹ́ ní kété tó bá dé. Búráúsà á gbà á sílé, á ní kó jókòó dúró. Bí ojú ewé kan ṣoṣo tí òṣìṣẹ́ àtijọ́ ń bójú tó bá ṣì ṣí sílẹ̀ níbìkan, tuntun ò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ kí òṣìṣẹ́ méjì tí àṣẹ wọn yàtọ̀ má bàa máa bójú tó ìkànnì kan náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ìdajì nǹkan má bàa jẹ́ tuntun kí ìdajì sì jẹ́ àtijọ́.

Títún ojú ewé ṣí kì í sì í tú u sílẹ̀. Nígbà tí a bá tún ojú ewé ṣí, èyí tó wà lójú kì í kúrò títí tí èyí tó ń bọ̀ á fi bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Kò sí ìṣẹ́jú àáyá kan tí àyè náà ṣófo, nítorí náà, òṣìṣẹ́ àtijọ́ kò rí ìgbà tó máa dìde. Èèyàn gbọ́dọ̀ pa gbogbo táàbù ìkànnì náà dé, tàbí kó lọ sí ìkànnì mìíràn nínú wọn. Ta ló ń pa táàbù dé lórí fóònù? Nígbà tí mo lọ kí ìyá alásọ ní ṣọ́ọ̀bù wọn, mo bá táàbù mẹ́rìnlélógójì nínú Chrome wọn, mẹ́ta nínú rẹ̀ sì jẹ́ ti ìkànnì wa.

Àṣẹ `skipWaiting()` ló ń sọ fún òṣìṣẹ́ tuntun pé kó má dúró de ẹnikẹ́ni, kó gba iṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ó yẹ bẹ́ẹ̀ nínú ìwòsàn yìí, nítorí pé a fẹ́ kí àtijọ́ lọ. Nínú iṣẹ́ ojoojúmọ́, ẹ ṣọ́ra fún un. Bí ẹnì kan bá ń kọ fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ lórí ojú ewé àtijọ́, tí òṣìṣẹ́ tuntun bá wá gba iṣẹ́ lójijì tó sì ti da àwọn fáìlì àtijọ́ nù, ojú ewé náà lè béèrè fáìlì tí kò sí níbì kankan mọ́, kó sì dá dúró lójú rẹ̀. Ìlà tó gbẹ̀yìn nínú ìwòsàn mi pẹ̀lú ń tún gbogbo ojú ewé tó ṣí sílẹ̀ ṣí fúnra rẹ̀. Mo fi síbẹ̀ nítorí pé ojú ewé wa kò ní fọ́ọ̀mù tí èèyàn lè pàdánù.

Ẹ má sì fo ìlà tó ń pa ohun inú àká rẹ́. Lílé òṣìṣẹ́ kúrò kì í kó àká rẹ̀ dànù. Ẹrù á wà níbẹ̀, bí òṣìṣẹ́ mìíràn bá dé lọ́la, ó lè bá a, kó sì máa bu nínú rẹ̀.

Mo gbé ìwòsàn náà jáde ní alẹ́ Ọjọ́rú. Ní Ọjọ́bọ̀, èsì tí `sw.js` ń gbà nínú ìwé àkọsílẹ̀ ti di 200, àwọn fóònù kan náà sì ti ń béèrè ojú ewé àkọ́kọ́ tẹ̀ lé e. Ìyá alásọ pè mí. "Ó ti di ẹgbẹ̀rún mọ́kànléláàádọ́rin," ni wọ́n wí. "Mi ò mọ̀ bóyá kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ."

Ìwòsàn yìí ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Kò lè bá ẹni tí kò bá padà ṣí ìkànnì náà. Ẹni tó bá padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, òṣìṣẹ́ àtijọ́ náà ló máa kọ́kọ́ pàdé, ẹ̀yìn náà ni ìwòsàn á tó kàn án. Ìdí nìyí tí fáìlì yẹn fi wà lórí sáfà wa di òní, mi ò sì ní èrò láti yọ ọ́.

Kì í ṣe tèmi nìkan

Irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn tí kò tilẹ̀ mọ̀ pé àwọn gba òṣìṣẹ́ kankan. Ní ọdún 2017, Create React App, irinṣẹ́ kan tí ogunlọ́gọ̀ èèyàn fi ń bẹ̀rẹ̀ ìkànnì káàkiri ayé nígbà náà, bẹ̀rẹ̀ sí í fi sáfíìsì wọ́kà sínú gbogbo ìkànnì tí wọ́n bá fi í kọ, láìjẹ́ pé ẹni tó ń kọ ọ́ béèrè. Àká ló ń kọ́kọ́ wò, gẹ́gẹ́ bí tèmi. Àwọn èèyàn gbé iṣẹ́ tuntun jáde, àwọn oníbàárà wọn kò rí i, wọn ò sì mọ ibi tí wọn ó ti máa wá ìdí rẹ̀, nítorí wọn ò kọ ìlà kan nínú rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀dà kejì irinṣẹ́ náà jáde ní oṣù Kẹwàá ọdún 2018, wọ́n yí i padà: ẹni tó bá fẹ́ òṣìṣẹ́ yìí ló máa fọwọ́ ara rẹ̀ tàn án. Ìyẹn ló tọ́. Ohun tó máa gbé inú fóònù oníbàárà tí kò sì ní lọ bọ̀rọ̀, ẹni tó ni ìkànnì gbọ́dọ̀ mọ̀ pé òun ló gbà á síbẹ̀.

Bí mo ṣe ń ṣe é báyìí

Lẹ́yìn oṣù kan, mo tún gba òṣìṣẹ́ síṣẹ́ fún ẹgbẹ́ náà, nítorí pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọjà kò tíì dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Lọ́tẹ̀ yìí, mo pín ẹrù sí ọ̀nà méjì. Ojú ewé tí iye owó wà lórí rẹ̀, ọ̀dọ̀ sáfà ni òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ. Bí sáfà kò bá ṣeé dé ni kó tó bu ti inú àká:

```
if (e.request.mode === 'navigate') {
  e.respondWith(
    fetch(e.request).catch(() => caches.match('/'))
  );
}
```

Àwọn àwòrán àti fáìlì kóòdù ni mo fi sílẹ̀ fún àká lákọ̀ọ́kọ́, ṣùgbọ́n mo fún fáìlì kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tó máa ń yí padà bí ohun inú rẹ̀ bá yí padà, bíi `app.3f9a1c.js`. Bí mo bá tún un ṣe, orúkọ rẹ̀ á di òmíràn, ojú ewé tuntun á béèrè orúkọ tuntun náà, kò sì ní sí nínú àká. Ó di dandan kí òṣìṣẹ́ lọ sọ́dọ̀ sáfà. Orúkọ `sw.js` nìkan ni kì í yí padà.

Èyí náà ní ohun tó ń gbà lọ́wọ́ ẹni. Níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà ṣùgbọ́n tó ń falẹ̀ bí ìgbín, òṣìṣẹ́ á dúró de sáfà kó tó gbà pé kò ní wá, oníbàárà á sì máa wo ojú funfun. Mo fi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta dí i: bí sáfà kò bá tíì dáhùn títí dìgbà náà, kó gbé ti inú àká jáde, kó sì kọ ọjọ́ tí iye owó náà wà fún sí òkè rẹ̀ gàdàgbà. Ẹni tó bá rí i á mọ̀ pé iye owó àná ni òun ń wò.

Ẹ̀yin tó ń lo ìkànnì, bí ẹ bá fura pé ti àtijọ́ lẹ ń rí, ẹ kọ́kọ́ pa gbogbo táàbù ìkànnì náà dé, kí ẹ tó tún un ṣí. Bí kò bá yí padà, ẹ lọ sínú `Settings` Chrome, ẹ wá `Site settings`, ẹ wọ `All sites`, kí ẹ pa ohun tí ìkànnì yẹn nìkan kó pa mọ́ rẹ́. Yóò ní kí ẹ tún wọlé pẹ̀lú ọ̀rọ̀ aṣínà yín, nítorí náà ẹ rí i pé ẹ rántí rẹ̀ kí ẹ tó ṣe é.

Ẹ̀yin tó ń kọ ọ́ ni mo bẹ̀ jù. Kí ẹ tó gba òṣìṣẹ́ yìí síṣẹ́, ẹ mọ ọ̀nà tí ẹ ó gbà yọ ọ́. Ẹ má yí orúkọ fáìlì rẹ̀ padà, ẹ má sì pa á rẹ́ lórí sáfà. Bí ẹ bá gbé iṣẹ́ tuntun jáde, ẹ fi fóònù tó ti mọ ìkànnì yín tẹ́lẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, fóònù tí wọn kì í pa táàbù rẹ̀ dé. Bí ìyá kan bá sì pè yín pé iye owó kò yí padà, ẹ gbà wọ́n gbọ́.